Ìdí Tí Ọ̀rọ̀ Fi Ń Dùn Lóru Tí Ó sì Ń Gbẹ Lọ́sàn-án

Ẹni tó fi "Ó dáa" nìkan fèsì ní agogo kan ọ̀sán, tó wá di agogo mọ́kànlá alẹ́ tó ń ki èèyàn ní oríkì, tó ń béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, tó sì ń ròyìn gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú ọkọ̀, ẹnìkan náà ni. Àárín èsì méjèèjì kò ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Ìfẹ́ kì í sábà kú kó sì tún jí láàárín wákàtí mẹ́wàá, lójoojúmọ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Bí ìyàtọ̀ náà bá ń tẹ̀lé agogo bí ìrun márùn-ún ṣe ń tẹ̀lé oòrùn, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wò ni ohun tí agogo náà ń yí padà: ta ló wà nítòsí ẹni náà, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èdè wo ni ibi tó wà gbà á láyè láti sọ, báwo sì ni ara rẹ̀ ṣe rí. Ọkàn ló yẹ ká wò kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan yóò là á yé wa. Ọkùnrin kan ń gbowó, ó ń sanwó, ní kántà báńkì kan ní Marina l'Ékòó, ṣùgbọ́n Ìkòròdú ló ń gbé. Obìnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Ìbàdàn. Ọkùnrin náà ń jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Kó tó di agogo márùn-ún ààbọ̀ ó ti wà lórí ìlà bọ́ọ̀sì, nítorí bí ilẹ̀ bá mọ́ bá a ní Kẹ́tu, ọ̀nà yóò ti dí títí dé orí afárá gígùn tó gba orí ọ̀sà kọjá. Báńkì ń ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà ní agogo mẹ́jọ, ó sì ń tì í ní agogo mẹ́rin. Títì tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ parí. Ẹni tó wà ní kántà gbọ́dọ̀ ka owó inú àpótí rẹ̀, kí iye rẹ̀ sì bá ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mu. Bí ẹgbẹ̀rún méjì náírà bá dín, kò sílé lílọ títí wọn yóò fi rí ibi tó gbà lọ. Ó di nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ kó tó jáde, ó di agogo mẹ́sàn-án kó tó délé. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó sì nà gbalaja ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti ìgbà náà di agogo mọ́kànlá ààbọ̀ tí oorun yóò gbé e lọ, ìṣẹ́jú márùnlélàádọ́rin ni. Òun nìkan ló ni àkókò yẹn nínú gbogbo ọjọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ti obìnrin náà kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà á wọlé, á dúnàádúrà, á lọ. Lẹ́yìn náà, ó lè tó ogójì ìṣẹ́jú kí òmíràn tó wọlé. Fóònù rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tirẹ̀ ní ihò púpọ̀ bí ajere, ọ̀rọ̀ sì lè gba inú ihò náà wọlé nígbàkígbà. Ibi tí èdè-àìyedè ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Kì í ṣe pé ẹnìkan nínú wọn ń purọ́. Oníkálukú ló ń fi ọjọ́ tirẹ̀ wọn ọjọ́ ẹnìkejì. Obìnrin náà mọ̀ pé èsì tó gùn kò gba òun ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì gbà pé ẹni tí kò lè fún òun ní ìṣẹ́jú kan kò fẹ́ ni.

Ìṣẹ́jú kan náà wà lóòótọ́. Ní agogo kan ọ̀sán ọkùnrin náà ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láti jẹun, ó sì yọ fóònù rẹ̀. Ohun tí kò sí ni ọkàn tí yóò fi lo ìṣẹ́jú náà. Ní ọdún 2009, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Sophie Leroy tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí èèyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sórí òmíràn, apá kan ọkàn rẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sẹ́yìn sórí iṣẹ́ àkọ́kọ́, pàápàá bí iṣẹ́ náà kò bá tíì parí. Ẹni tí owó olówó wà nínú àpótí rẹ̀, tó mọ̀ pé bó bá di agogo méjì oníbàárà yóò ti tò dè é, ń jẹun ni, ṣùgbọ́n ó ń ka owó lọ́kàn. Èsì tó gba ìrònú, irú bíi "Báwo lo ṣe rò pé a máa ṣe ọ̀rọ̀ bùrọ̀dá mi yẹn?", ni yóò gbé tì. Èyí tí "Ó dáa" tó fún ni yóò dáhùn.

Bó bá jẹ́ ojúkojú ni wọ́n wà, "Ó dáa" náà kò ní dunni. Ojú ẹni tó ń kánjú máa ń sọ pé ó ń kánjú. Ohùn rẹ̀ a máa lọ sókè sódò. Gbogbo èyí ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń gé dànù, ó sì burú jù fún èdè tó jẹ́ pé ohùn ni ẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. "O da" lásán lè jẹ́ "ó dáa", ó lè jẹ́ "ó dà?", ẹni tó ń kà á ni yóò sì fi ohùn sí i. Ẹni tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í fi ohùn dídùn sí i.

Iṣẹ́ àti àárẹ̀ nìkan kò tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ṣá. Àwọn tó jókòó láìṣe nǹkan kan lọ́sàn-án náà máa ń fèsì ṣókí, tí wọn yóò sì ṣí sílẹ̀ lálẹ́. Ojú èèyàn ló fà á. Erving Goffman, onímọ̀ nípa àwùjọ, fi ìwé kan tó jáde ní ọdún 1959 ṣàlàyé pé bí òṣèré orí ìtàgé ni èèyàn ṣe ń gbé ìgbé ayé rẹ̀: ó ní bó ṣe ń ṣe níwájú òǹwòran, ó sì ní bó ṣe ń ṣe lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Yorùbá mọ èyí tipẹ́. Tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ wọn dùn nínú ìyẹ̀wù a máa pe ara wọn ní "Bàbá Bọ́lá" àti "Ìyá Bọ́lá" lójú agbo, kò sì sẹ́ni tó máa ka èyí sí àìnífẹ̀ẹ́. Gbọ̀ngàn báńkì, yàrá àwọn olùkọ́, àti pálọ̀ tí bàbá àti àwọn àbúrò jókòó sí, ojú agbo ni gbogbo wọn.

Fóònù wá mú ìṣòro tuntun kan wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ìṣòro tí àwọn àgbà kò ní. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ń yọ sójú fóònù bó tilẹ̀ wà ní títì. Fóònù tó wà lórí tábìlì láàárín àwọn mẹ́rin tó ń jẹun lè gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ jáde lójijì fún gbogbo wọn láti kà. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ́kun rẹ̀: kò ní jẹ́ kí ìjíròrò gbóná lọ́sàn-án rárá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á gbẹ, kí ti ẹnìkejì náà lè gbẹ. Òótọ́ ni pé fóònù ní ètò kan tó lè fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ kó má yọ síta, títò rẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú kan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó wà.

Èdè tún ń yí padà pẹ̀lú ibi. Ọkùnrin inú àpẹẹrẹ yìí ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọ̀gá rẹ̀ àti oníbàárà sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì tó kúrú tó sì tutù. Bó bá di ọ̀sán tó sì fèsì fún olólùfẹ́ rẹ̀, èdè yẹn ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Lálẹ́, ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ti bọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà pẹ̀lú rẹ̀, ó wá di "Àjọkẹ́ mi, báwo ni ọjọ́ ṣe lọ?" Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ̀ bóyá ibi àti èdè ló fà á tàbí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ náà. Kí a wo ohun tó ń kọ sí àwọn ẹlòmíràn ní wákàtí kan náà. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ní ìkáwọ́ lórí rẹ̀, tún ń gba ọ̀rọ̀ méjì péré lọ́sàn-án, bí ìyá rẹ̀ náà bá ń ráhùn pé "Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ bó bá ti wà níbi iṣẹ́", a jẹ́ pé kì í ṣe obìnrin náà ló ń yẹra fún.

Òkùnkùn fúnra rẹ̀ tún ní ipa tirẹ̀. "Òru ò mẹni ọ̀wọ̀" ni Yorùbá ń wí: nínú òkùnkùn, ẹwù àti ipò kò hàn, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun ní láti dárúkọ ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Kenneth Gergen, Mary Gergen àti William Barton ṣe ìdánwò kan tó kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1973. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ara wọn rí sínú yàrá kékeré kan fún bíi wákàtí kan. Àwọn kan wà nínú yàrá tí iná tàn, àwọn kan wà nínú èyí tó ṣókùnkùn biribiri. Àwọn tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ jókòó síbi kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lásán. Nínú òkùnkùn, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kan ẹlòmíràn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó gbá ẹlòmíràn mọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni àwọn bá ara wọn sọ. Wọ́n ti sọ fún wọn ṣáájú pé wọn kò ní ríra wọn lẹ́yìn náà. Apá yìí ṣe pàtàkì, ọ̀rọ̀ yóò sì padà síbẹ̀: kì í ṣe òkùnkùn nìkan ló tú wọn nínú, àìsí ọ̀la náà wà níbẹ̀.

Àṣà ilẹ̀ Yorùbá náà ti pín ọ̀rọ̀ fún wákàtí. Alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ni wọ́n ń pa àlọ́. Ọmọ tó bá fẹ́ pa á lọ́sàn-án yóò gba ìkìlọ̀, nítorí iṣẹ́ ni ọ̀sán wà fún. Àwọn tó dàgbà sí àkókò fóònù alágbèéká tún ní ìrírí mìíràn tó fi kún un. Nígbà tí fóònù náà dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, nǹkan bí àádọ́ta náírà ni ìṣẹ́jú kan, ẹni tó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá yóò san ti odidi ìṣẹ́jú. Ìgbà tí Globacom dé ní ọdún 2003 ni gbígba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìpè ọ̀fẹ́ láàárín òru wá gbòde. Nígbà náà, àìmọye ọmọ ilé-ìwé gíga ló ń ṣí ojú sílẹ̀ di agogo kan òru nítorí ìpè ọ̀fẹ́, tí wọ́n sì ń tòògbé nínú kíláàsì. Títí di òní, dátà òru ṣì rọjú ju ti ọ̀sán lọ. Ẹni tí apò rẹ̀ kò jin kì í fi fídíò pe èèyàn lọ́sàn-án, èyí kò sì gbọdọ̀ di ẹ̀sùn.

Ní ti ara, agogo kan wà nínú ọpọlọ tó ń darí ìgbà tí ara yóò dá ṣáṣá àti ìgbà tí yóò rọ̀. Alexander Borbély ṣàlàyé ní ọdún 1982 pé nǹkan méjì ló jọ ń ṣiṣẹ́ lórí oorun: agogo inú yẹn, àti gbèsè oorun tó ń ga sí i láti ìgbà tí èèyàn ti jí. Àwọn kan ni agogo tiwọn máa ń pẹ́. Alẹ́ ni ara wọn tó ń yá, bí èèyàn bá sì kí wọn ní àárọ̀, ìkùnsínú ni yóò gbọ́. Ní ọdún 2011, Scott Golder àti Michael Macy ka ọ̀rọ̀ tí èèyàn bíi mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ kọ sórí Twitter ní orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ọ̀rọ̀ tó fi inú dídùn hàn pọ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù, ó lọ sílẹ̀ ní àwọn wákàtí iṣẹ́, ó sì tún gòkè nígbà tí òru ń sún mọ́. Kò yẹ ká gbé èyí ju agbára rẹ̀ lọ: àwọn tó ṣì lajú ní ọ̀gànjọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn wọ inú ìṣirò ti òru. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ọ̀sán tó gbẹ kì í ṣe àìsàn ẹnìkan péré.

Fún àwọn tí òkun wà láàárín wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé òru ta ni. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Houston fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn Èkó. Ní àkókò òtútù, ó di méje. Ní ẹ̀ẹ̀rùn náà, ẹni tó ń fèsì dáadáa ní agogo mọ́kànlá alẹ́ Èkó, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́ ni. Èyí tó gbẹ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ló jẹ́ fún un, ọ̀gá rẹ̀ dúró tì í. Kò sí ohun tó kan òru níbẹ̀ rárá.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó gbẹ lọ́sàn-án gbọ́dọ̀ ní ẹlòmíràn. Bí a bá rò ó dáadáa, ìdàkejì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó ní ìyàwó tàbí ọkọ nílé, ọ̀sán ni ọwọ́ rẹ̀ ń dilẹ̀, nítorí ojú tó ń sá fún wà lórí ibùsùn kan náà pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ dáadáa láti ibi iṣẹ́, á sì pa lọ́lọ́ bó bá ti di agogo méje alẹ́, á tún pòórá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó lè fi wákàtí kan gbáko sọ̀rọ̀ lóru, àyàfi bí ẹnìkejì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ òru tàbí tó wà nílùú mìíràn, òru rẹ̀ kò ní alábòójútó. Ohun tó yẹ kó kọni lóminú nípa rẹ̀ yàtọ̀: bóyá òru nìkan ló fẹ́ kí ọ̀rẹ́ náà wà. Èyí ni ibi tí ìdánwò yàrá òkùnkùn yẹn ti tún wúlò. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ọ̀la rọrùn láti sọ. Ẹni tó ń sá fún ìdánìkanwà lè sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀ ní agogo méjìlá òru, kó má sì rántí ọ̀kan nínú rẹ̀ lójúmọmọ.

Ohun tó ń fi ìyàtọ̀ hàn kì í ṣe dídùn ọ̀rọ̀ òru, nítorí ó ń dùn nínú méjèèjì. Ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni. Bí obìnrin náà bá sọ lóru pé òun ń gbé ìyá òun lọ ṣe àyẹ̀wò ojú ní ọjọ́rú, tí ọkùnrin náà sì kọ "Ojú màmá ńkọ́?" ní agogo kan ọ̀sán ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n ó gbé òru wọnú ọ̀sán. Èsì náà kúrú, kò sì jìnnà. Bí ọjọ́rú bá kọjá láìsí ìbéèrè, tí ọkùnrin náà sì béèrè ohun kan náà bí tuntun ní òru ọjọ́bọ̀, kò gbọ́ ọ ní àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ó máa ń rẹ èèyàn. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún láàárín oṣù kan, ó ti di ẹ̀rí.

Ọjọ́ ìsinmi ni ìdánwò kejì, òun ló sì dájú jù, nítorí ó ń yọ iṣẹ́ kúrò nílẹ̀ láìyọ ẹni náà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìsinmi ọdún Iléyá bọ́ sí ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kí obìnrin náà tó kọ ohunkóhun, ọkùnrin náà ti fi fọ́ìsì-nóòtù mẹ́ta ránṣẹ́, ó ń ròyìn àgbò aládùúgbò tó já okùn tó sì wọ ilé ẹlòmíràn. Ọ̀sán rẹ̀ dà bí òru rẹ̀ nígbà tí kò sí kántà níwájú rẹ̀. Ká ní ọjọ́ méjì náà gbẹ bí ọjọ́ iṣẹ́ ni, tí alẹ́ sì tún dùn, ìdí mìíràn ni à bá wá, a kò sì ní lè fi báńkì kẹ́wọ́ mọ́. Ọjọ́ Àìkú kan kò tó fún ìdánwò yìí, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì, ìpàdé ẹbí àti aṣọ fífọ̀ lè gba ọjọ́ Àìkú tán. Ìsinmi ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló dára.

Kí wọ́n tó dé ọdún Iléyá yẹn, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́, bó sì ṣe ń bàjẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra níbi gbogbo. Obìnrin náà rí àmì búlúù méjì tó fi hàn pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ogún ìṣẹ́jú kọjá, kò rí èsì. Ó kọ "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" ní agogo méjì, nígbà tí ìlà oníbàárà gùn jù. Ìbéèrè yẹn kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ méjì dáhùn, ọkùnrin náà sì gbé e tì. Nígbà tó délé ní agogo mẹ́sàn-án, ó rí mẹ́rin mìíràn tó tẹ̀lé e, ìkẹyìn sì le. Ó rẹ̀ ẹ́, ó gbèjà ara rẹ̀, wọ́n sì fi ìṣẹ́jú márùnlélàádọ́rin tí wọ́n ní ṣe ẹjọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì irú èyí, òru náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹni tó bá wò ó láti ìta ní àkókò yẹn yóò sọ pé ìfẹ́ ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ ọ̀sán ló ń jẹ òru.

Ohun tó tún un ṣe kò ju pé wọ́n pín ọ̀rọ̀ sí méjì. Èyí tí kò fẹ́ èsì, irú bí àwòrán aṣọ tuntun tàbí ìròyìn oníbàárà tó dúnàádúrà títí tí kò sì rà, lè wá lọ́sàn-án. Èyí tó gba ìrònú di ti agogo mẹ́wàá ààbọ̀. Obìnrin náà ní kó máa fi wákàtí sí èsì kúkúrú rẹ̀, kó má jẹ́ "A máa sọ̀rọ̀" lásán, kó jẹ́ "A máa sọ̀rọ̀ ní mẹ́wàá ààbọ̀", nítorí ìlérí tó ní wákàtí ṣeé yẹ̀ wò, èyí tí kò ní kò ṣeé mú. Ọkùnrin náà fi ìpè ìṣẹ́jú méjì kan kún un nígbà tó bá ń lọ ra oúnjẹ, nítorí nínú ohùn ni ìkánjú ti ń hàn. Ní ọjọ́ tí ìpè kò bá ṣeé ṣe, ó ń kọ "Mo wà lójú agbo". Obìnrin náà á kà á, á gbé fóònù sílẹ̀, á sì padà sídìí aṣọ tó ń ká.